Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí ẹrù tòmátì tó bàjẹ́ ní ibodè nítorí ìwé tí ilé-iṣẹ́ yín kò tún ṣe lásìkò

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní ibodè.

Ọ̀gá wa,

Èmi ni mo ni tírélà tí wọ́n kó tòmátì náà sí, èmi náà ni mo sì wà á dé ibodè. Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà, mo fi ètò ìwé rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ yín lọ́wọ́, mo sì sanwó yín pé kí n tó gbéra. Ohun tí mo ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn yín ni pé ẹrù tó dé ibodè ní pípé jẹrà níwájú ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí pé ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tí ẹ kọ kò bá àwọn ìwé yòókù mu, tí ẹ̀yin tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un ṣe kò sì dá wa lóhùn títí ọjà fi bàjẹ́.

Àpótí 900 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀, tòmátì kílò 20 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé tòmátì nìkan jẹ́ kílò 18,000. Àpótí kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ wọn kílò kan àti ààbọ̀, nítorí náà, bí a bá wọn ọjà pọ̀ mọ́ àpótí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di kílò 19,350. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí òǹkà méjèèjì yìí, nítorí inú wọn ni gbogbo ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ló pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Wọ́n ti mú un tutù nílé ìkẹ́rù kó tó wọ ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ amútutù ara tírélà kò ní agbára láti mú ọjà gbígbóná tutù. Ohun tó lè ṣe ni pé kó má jẹ́ kí èyí tó ti tutù gbóná padà. Mo fi ẹ̀rọ náà sí dígírì 13, mo sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìdánudúró. Wọ́n fi èdìdì ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ níṣojú mi, wọ́n sì kọ nọ́ńbà èdìdì náà sínú ìwé ẹrù.

Àdéhùn wa ni pé kí ẹ ti fi ìwé ìkéde ẹrù ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ tó dé ibodè. Èyí kì í ṣe ojú rere tí mo ń tọrọ. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ṣe láti mú kí ẹrù máa kọjá ní ibodè pẹ̀lú ìrọ̀rùn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2017, sọ nínú abala 7 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ máa gba ìwé ẹrù kí ẹrù tó dé, pé kí wọ́n yọ̀ǹda ẹrù tó ń tètè bàjẹ́ láàárín àkókò tó kúrú jù lọ, kí wọ́n sì fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò àyẹ̀wò. Iṣẹ́ aṣojú oníbàárà ni láti mọ ọ̀nà yìí kó sì tọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé ibodè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé ìwé wa kò tíì wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sán ni ẹ tó fi í ránṣẹ́, kò sì sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí ẹ ti sọ pé ẹrù tó ń tètè bàjẹ́ ni. Báyìí ni tírélà mi ṣe tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tó kó irin àti àwo ìkọ́lé, àwọn tí oṣù kan kò lè ba ẹrù wọn jẹ́.

Ìwé náà tó pẹ́ kó tó wọlé kò sì pé. Nínú ìwé ìkéde, ẹ kọ kílò 18,000 sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwọ̀n ẹrù pọ̀ mọ́ àpótí rẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí àwọn olùṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn fọwọ́ sí níbi tí ẹrù ti wá, kílò 19,350 ló wà níbẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ ìdí, ó dà bí ẹni pé ẹrù kílò 1,350 wà nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kéde. Kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́ọ̀mù dá ìwé náà dúró lójú ẹsẹ̀, ohun tó sì yẹ kó ṣe náà nìyẹn. N kò lè bínú sí wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju kí ẹ yí òǹkà kan padà, kí ẹ so ìwé àkójọ àpótí mọ́ ọn, kí ẹ sì tún un fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kéde ẹrù nìkan ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ kò lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tó bá ara wọn mu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ọ́fíìsì yín léraléra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ iṣẹ́ yín kan tó gbé fóònù sọ pé ẹni tó ń bójú tó ìbodè wa ti lọ sílé, àti pé òun kò ní àṣẹ láti ṣí ìwé náà. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọjà inú ọkọ̀ kò lè dúró, ó ní kí n sọ ẹ̀rọ amútutù kalẹ̀ sí dígírì 4 kó lè pa á mọ́.

Ọ̀gá wa, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe léwu tó. Tòmátì tí kò tíì pọ́n tán kì í fara da òtútù tó kéré sí dígírì 10 fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kì í bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dán bí ẹni pé ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jáde sí afẹ́fẹ́, kì í pọ́n dọ́gba mọ́, ara rẹ̀ á máa jìn wọnú ní àwọn ojú kéékèèké, yóò sì rà kí ẹni tó rà á tó dé ilé. Bí mo bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà, bóyá ẹrù ì bá kọjá ní ibodè pẹ̀lú ẹwà, kó tó wá di àbùkù fún ẹni tó ni ín. N kò tẹ̀ lé e. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní dígírì 13, mo sì ń bu dísù sí i láti inú àwọn kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé dání, nítorí ẹ̀rọ yìí ní táǹkì tirẹ̀, ó sì ń jẹ epo bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró lójú kan.

Ṣùgbọ́n tòmátì kì í ṣe òkúta. Ó ń mí lẹ́yìn tí wọ́n ti ká a, mímí rẹ̀ ń mú ooru wá, èyí tó bá sì pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tètè pọ́n. Lójú ẹ̀rọ, mo máa ń wo òǹkà méjì: ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé sí ara ẹrù àti ti afẹ́fẹ́ tó ń padà bọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí a dé, dígírì kan péré ló wà láàárín wọn. Títí di alẹ́ ọjọ́rú, afẹ́fẹ́ tó ń padà bọ̀ ti gòkè sí dígírì 17, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó ń wọlé kò kúrò ní 13. Ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń gbóná láti inú wá. Èdìdì wà lára ìlẹ̀kùn, n kò sì gbọ́dọ̀ já a, kódà láti ṣa èyí tó ti pọ́n jù kúrò láàárín èyí tó ṣì dára.

Ìpalára tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀. Nígbà tí àtúnṣe yín kò dé, kọ́sítọ́ọ̀mù pinnu láti wá òótọ́ fúnra wọn: wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo àpótí sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ká ní aṣojú yín kan wà níbẹ̀ ni, ì bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n fi ṣírò ìyókù, tàbí kí wọ́n ṣe é ní ìdájí nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì tutù. Mo bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn pé awakọ̀ kì í ṣe ẹni tí òfin mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kó àpótí 900 sórí ilẹ̀ nínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ara tòmátì tútù, omi sì sẹ̀ sí wọn lára bí ìgbà tí ènìyàn ń làágùn. Òǹkà tí wọ́n rí ni kílò 19,350 gan-an. Wọ́n kó o padà bó ti rin, nínú òkùnkùn inú ọkọ̀ níbi tí omi náà kò ti lè gbẹ, irun funfun sì hù lára àwọn tó ti fara gbọgbẹ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, omi pupa ti ń kán láti ojú ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, òórùn ọtí kíkan sì ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan.

Àtúnṣe yín dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan náà. Ìyọ̀ǹda tẹ̀ lé e kí wákàtí kan tó pé. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rò ó jinlẹ̀, nítorí ó fi hàn pé kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní ìdí mìíràn láti dá wa dúró.

Ẹni tó ni ọjà gba àpótí 310 nínú 900, ó sì kọ àpótí 590 yòókù sílẹ̀. Ó ń béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí èmi ló mọ̀, n kò sì rí i bí ẹni tó ń ṣe àìdára. Mo so ìwé tí ẹ̀rọ amútutù tẹ̀ jáde mọ́ lẹ́tà yìí, èyí tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn ní wákàtí wákàtí, pẹ̀lú àwọn ìwé méjèèjì tí òǹkà wọn yàtọ̀, àbájáde ìwọ̀n kọ́sítọ́ọ̀mù, àti ìwé tí ẹni tó ni ọjà fi kọ àpótí tó bàjẹ́ sílẹ̀.

Mo ń béèrè pé kí ẹ dá gbogbo owó iṣẹ́ yín padà fún mi, kí ẹ san iye àpótí 590 náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé iye ọjà, kí ẹ sì san owó epo tí ẹ̀rọ jẹ láti ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá ìwé dúró títí di ìgbà ìyọ̀ǹda. Mo sì fẹ́ àkọsílẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà yín tó fi wákàtí tí ìfitónilétí kọ́sítọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ yín hàn, àti wákàtí tí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣí i. Bí ẹ bá ní adójútòfò fún àṣìṣe ìwé, ẹ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà àti nọ́ńbà ìwé yín ránṣẹ́, kí n lè kọ̀wé sí wọn tààrà.

Mo ń retí èsì yín ní kíkọ, kì í ṣe lórí fóònù, láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ẹ gba lẹ́tà yìí. Bí kò bá dé, èmi àti ẹni tó ni ọjà yóò jọ gbé ẹ̀sùn náà lọ bá àwọn aláṣẹ tó fún yín ní ìwé àṣẹ láti máa gba ẹrù jáde, a ó sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awakọ̀ àti oní-tírélà