Lẹ́tà sí Kọ́lá, Àbúrò Mi Tó Sọ Bẹ́ẹ̀dì Di Ọ́fíìsì

Kọ́lá mi,

Ohun tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní tí o bá jókòó ti ògiri lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, orí rẹ á máa gbọ̀n síwá sẹ́yìn nítorí oorun, ṣùgbọ́n kété tí o bá ti fẹ̀yìn lé bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ á dá ṣáká. Màmá ní àfi ká gbàdúrà. Àdúrà ò burú, a ó gbà á, àmọ́ mo ti wọ yàrá rẹ yẹn rí, mo sì rò pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ojú iná kan ṣoṣo tó wà ní yàrá yẹn, ìdí ìrọ̀rí rẹ ló wà. Wáyà ṣájà láptọ́ọ̀pù rẹ kò gùn. Nítorí náà ibi tí iná wà ni láptọ́ọ̀pù wà, ibi tí láptọ́ọ̀pù wà ni ìwọ náà wà, bẹ́ẹ̀ ni o ṣe ń fi wákàtí mẹ́jọ dá àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà lóhùn lórí fóòmù tí o tún fẹ́ fi wákàtí mẹ́fà sùn. Ara máa ń kọ́ ibi. Tó bá jẹ́ pé ìbínú oníbàárà, ọ̀gá tó ń béèrè ìròyìn àti ìdágìrì ló ń bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, ara rẹ á máa gbára dì fún wọn bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kan ibẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjìlá òru. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Richard Bootzin, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1972 fún àwọn tí oorun ń dá lójú irú rẹ. Àwọn dókítà oorun ṣì ń lò ó títí di òní, òun náà ni mo fẹ́ kí o gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ tún yàrá náà tò. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 10. Fóòmù rẹ jẹ́ 6 nípa 4, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ náà péré ló gbà. Ààyè wà, iná ló gbé ọ dè síbẹ̀. Ra ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tó gùn tó mítà mẹ́ta, èyí tí wáyà rẹ̀ nípọn, kí o fà á gba ẹsẹ̀ ògiri lọ sí ìdí fèrèsé, kí o sì gbé tábìlì kékeré yẹn síbẹ̀. Láti òní lọ, ṣájà kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ìrọ̀rí mọ́. Jókòó kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ti ẹ̀gbẹ́ wá bá ọ, tó bá kọjú sí ọ gbọnrangandan, ojú á máa ta ọ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ bá rẹlẹ̀ sí ojú tábìlì, ìrọ̀rí kékeré lórí àga á tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, so okùn láti ògiri kan dé ìkejì láàárín tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì, kí o fi ankara kan kọ́ sórí rẹ̀. Má jẹ́ kó ga dé àjà o! Ìwọ̀n ibi tí orí rẹ dé ni kí o so ó sí, torí fáànù àjà kan náà ni ẹ̀yìn méjèèjì máa lò. Tí aṣọ bá dí òkè pa, ooru á pa ọ́ ní ẹ̀yìn kan. Aṣọ yìí á gbà ọ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà, àwọn ọ̀gá rẹ ò ní máa wo fóòmù rẹ nígbà ìpàdé. Èyí tó ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé tí o bá dùbúlẹ̀, o ò ní rí tábìlì.

Ní ti àkókò: àwọn ọ̀gá rẹ tó wà ní New York ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn. Nísinsìnyí, aago méjì ọ̀sán ló jẹ́ ní Ìbàdàn, o sì ń parí ní mẹ́wàá alẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá wọ́n á yí aago wọn padà, àwa kì í yí tiwa, nígbà náà mọ́kànlá lo máa parí. Má gbìyànjú láti ti ibi iṣẹ́ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tààrà. Fi wákàtí kan sáàárín. Ti láptọ́ọ̀pù pa, kó o sínú báàgì rẹ̀, fà síìpù, kí o gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Pa gílóòbù funfun yẹn, kí o tan èyí tó pọ́n tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Kí o wá gbé fóònù sórí tábìlì, kó sùn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí ló máa ro ọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wásáàpù ibi iṣẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀, òun ló ń bá ọ kó ọ́fíìsì wọ inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Áláàmù rẹ á dún láti ibẹ̀, o ò sì ní rí ọ̀nà pa á láìdìde.

Ìlànà Bootzin wá nìyí. Má dùbúlẹ̀ nítorí pé aago ti lu. Dùbúlẹ̀ nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́. Ó lè rẹ èèyàn tẹnutẹnu kí oorun má sì sí lójú rẹ̀. Tí ìpéǹpéjú bá ń wúwo, tí o ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, oorun nìyẹn. Tí o bá dùbúlẹ̀ tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, fojú díwọ̀n rẹ̀, má wo aago, tí o ò tíì sùn, dìde. Bootzin ní kí èèyàn lọ sí yàrá mìíràn. Ìwọ ò ní yàrá mìíràn, nítorí náà tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ẹ̀yìn aṣọ náà, níhà tí bẹ́ẹ̀dì wà. Má lọ jókòó sórí àga iṣẹ́, torí ibẹ̀ náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ká aṣọ, ka ìwé ìròyìn àná. Tí oorun bá dé, padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Tí kò bá gbé ọ, dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà bó jẹ́ ìgbà mẹ́rin lóru kan.

Aago tí o bá yàn láti jí, ká ní méje àárọ̀, òun ni kí o máa jí, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, bó ti wù kí òru ti burú tó. Oorun ọ̀sán náà, fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, mi ò ní parọ́ fún ọ: wàá sùn kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ara á sì wúwo. Má gun ọ̀kadà fúnra rẹ láwọn ọjọ́ yẹn. Àìsùn tó ń kó jọ yẹn ló máa jẹ́ kí oorun tètè gbé ọ nígbà tó bá yá. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò yí padà, tàbí tí ẹni tó bá sùn tì ọ́ bá sọ pé o ń han-anrun, tí èémí sì ń dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ àti okùn mọ́, lọ rí dókítà.

Ankara méjì wà nínú àpò tí Màmá fi rán awakọ̀ sí ọ. Èyí aláwọ̀ búlúù dúdú ni kí o kọ́. Èyí tó ní òdòdó gàgàrà, Màmá ní òun ṣì máa gbà á padà. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n, ìwọ ni kí o ra ìyẹn fúnra rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Yétúndé