Ẹ̀sùn Lórí Kọ́ọ̀sì SQL Yín: Ohun tí Ẹ Ṣèlérí àti Ohun tí Mo Kọ́

Sí Alábòójútó Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí kọ́ọ̀sì SQL fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀sùn mi ni pé ìwé-ẹ̀rí náà sọ pé mo lè ṣe ohun tí ẹ kò kọ́ mi.

Nínú ìpolówó yín, ẹ ní ẹni tó bá parí kọ́ọ̀sì yìí yóò lè so àtẹ dátà méjì pọ̀ fúnra rẹ̀ láti fi dáhùn ìbéèrè oníṣòwò. Ìlérí yẹn ni mo sanwó lé lórí. Nígbà tí mo parí, mo pa fídíò tì, mo ṣí dátà tí n kò rí rí, mo sì mú ìbéèrè tí oníṣòwò gbogbo máa ń béèrè: àwọn oníbàárà wo ni kò tíì ra ohunkóhun?

Ohun tí ẹ kọ́ wa kò lè dáhùn rẹ̀. INNER JOIN nìkan ni olùkọ́ yín lò. Ìlà tó bá ní ẹnìkejì nínú àtẹ kejì nìkan ni INNER JOIN ń mú jáde. Oníbàárà tí kò ra nǹkan kò ní ìlà kankan nínú àtẹ ọjà rírà, ìyẹn `orders`, nítorí náà ó kàn máa pòórá ni, kọ̀ǹpútà kò sì ní kéde àṣìṣe kankan. Àfi kéèyàn ka iye oníbàárà ṣáájú, kó tún kà á lẹ́yìn, kó tó mọ̀ pé àwọn kan ti sọnù. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ wa nìyí:

```
SELECT c.name
FROM customers c
LEFT JOIN orders o ON o.customer_id = c.id
WHERE o.id IS NULL;
```

LEFT JOIN kì í yọ oníbàárà kankan sílẹ̀. Ó máa ń fi NULL sí ibi tí kò bá ti sí ọjà rírà, ìlà tó kẹ́yìn nínú kóòdù náà yóò sì ṣa àwọn yẹn jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni dátà tí ẹ fún wa láti fi ṣe ìdánrawò. Gbogbo oníbàárà inú rẹ̀ ló ti ra nǹkan. Kò sí ẹni tó lè sọnù níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè fura pé nǹkan kù.

Ìdánwò yín náà kò lè tú u fó. Ẹ ṣèlérí pé a ó lè so àtẹ pọ̀, àmọ́ ẹ ní ká kàn yan ìdáhùn láàárín A, B àti C. Ẹni tó dá kóòdù tó tọ̀nà mọ̀ lójú lè má lè kọ ọ́ sórí ojú ewé òfìfo. Ẹ̀kọ́ SELECT àti ORDER BY dára gan-an, n kò ní í jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ fi polówó.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ìdajì owó mi padà. Ẹ fi ẹ̀kọ́ LEFT JOIN kún un, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ rọ́pò ìdánwò yẹn. Bí ẹ kò bá ní ṣe é, ẹ yọ ìlérí náà kúrò nínú ìpolówó yín.

Mò ń retí èsì yín ní kíkọ.

Èmi ni,
Oníbàárà yín