Sí Àjàní, lórí bí a ṣe ń pe olórí ẹ̀ka

Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Àjàní ọmọ mi,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o sọ pé o kọ ímeèlì sí olórí ẹ̀ka yín pé kí wọ́n jẹ́ kí o forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn àkókò, láti ìgbà náà ni mi ò ti gbúròó rẹ mọ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, a ti kó àgbàdo wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi lẹ́tà náà hàn mí lórí fóònù, mo sì rí i pé "Dear Mr. Head of Department" ni o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọn kò ní kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo mọ ibi tí o ti mú un. Níhìn-ín, ipò nìkan la fi ń pe ọ̀gá nínú lẹ́tà: "Monsieur le Doyen," ìyẹn olórí fákọ́tì lédè Faransé, láìdárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Oyè ẹ̀kọ́ àti orúkọ ìdílé ni tiwọn: "Dear Professor" tàbí "Dear Dr.", kí orúkọ ìdílé tẹ̀ lé e. Wo ojú ewé ẹ̀ka yín kí o tó kọ ọ́, torí kì í ṣe gbogbo olórí ẹ̀ka ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó sì ti dì í kò ní fẹ́ kí o pe òun ní "Mr." Bó bá jẹ́ obìnrin tó ní oyè, má kọ "Mrs." Ṣọ́ orúkọ pẹ̀lú: àwa a máa fi orúkọ ìdílé ṣáájú, lẹ́tà ńlá la sì fi ń kọ ọ́, lọ́dọ̀ wọn, ìkẹyìn ló sábà máa ń wà, àfi bí kọ́mà bá tẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́. Ní ti akọ̀wé àgbà fásitì, bí o kò bá rí oyè rẹ̀, "Dear Registrar," ti tó.

Ìkíni ilé àti ọ̀nà tí o tò sí ìlà mẹ́rin, èmi ni mo kọ́ ọ, mi ò lè bá ọ wí fún un. Ṣùgbọ́n àkọlé àti ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni fóònù ń fi han ẹni tó ń gba lẹ́tà púpọ̀. Kọ "Request for late registration, 200 Level" sí àkọlé dípò "Please sir", fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ kún un, kí o sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "I am a 200 level student in your department, and I am writing to request permission to register late."

Àjàní, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé bíi tìrẹ, mo kọ̀wé sí dọ́yẹ̀n kan pé mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ka, mo sì fi "Cher Monsieur" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Dear" kò wúwo ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n "Cher" dà bí ẹni ń bá ojúgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ náà ká, ó sì dá ìwé náà padà fún mi. Ojú tì mí, mi ò tún un kọ, àkókò sì kọjá. Owó ni mo sọ fún yín pé ó dá mi dúró.

Má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Tún un kọ lọ́la, kí o pè mí nígbà tí o bá ti fi ránṣẹ́, kódà bí wọn kò bá tíì dáhùn.

Bàbá rẹ