Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, Nítorí Ìpè tí ó ń Kúrú

Ìbàdàn,
27 oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara mi le, bàbá rẹ náà sì wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún rẹ̀ tí ìwọ náà mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí o wá sílé, tí o jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé tí ò ń bá mi bó ẹ̀gúsí, fóònù rẹ dún, o fi ìró nu ọwọ́, o sì sáré gbé e. Kí ẹ̀gúsí tí mo ń bó tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi, o ti padà dé. O ní àna mi, àfẹ́sọ́nà rẹ tí ó wà ní Kánádà, sọ pé ó rẹ òun. Nígbà tí o tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí, èèpo ni ò ń dà sínú abọ́, ọmọ ẹ̀gúsí ni ò ń sọ sílẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ nígbà náà, nítorí pé mo fẹ́ rò ó dáadáa kí n tó la ẹnu.

Ní alẹ́, nígbà tí o sọ fún mi pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ mọ́, ohun tí o sọ ni pé "kò pè mí mọ́." Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ délẹ̀, tí o bá sì fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, yóò fi ẹyọ ìpè kan ṣoṣo já ọ nírọ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ yóò sì parí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ṣí ibi tí àwọn ìpè wà lórí Wọ́sáàpù, kí o tẹ orúkọ rẹ̀, kí a jọ wo ọjọ́, aago, ẹni tí ó pe ẹnì kejì, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà bí mo ṣe máa ń kọ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà kan rí. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni ẹ ń sọ̀rọ̀, èyí tí ó kúrú jù sì jẹ́ ìṣẹ́jú 35. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ju ìṣẹ́jú 8 lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ó mú mi ronú, nítorí pé nǹkan kì í ṣàdédé yí padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìnídìí. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ti gbé Kánádà rí, ó sì là mí lóye. Ní Wínípẹ̀gì tí àna mi wà, wọ́n máa ń yí aago sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, tí ó bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù lọ́dún yìí. Àwa kì í yí tiwa. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ rẹ, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ó ń jáde ní ilé ìkẹ́rùsí tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì àti nígbà tí ó bá wọlé. Nísinsìnyí, aago mẹ́sàn-án rẹ ti di aago méjì tirẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Yálà kí ó má lè gbé fóònù, tàbí kí ó yọ́ gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà ìsinmi. Nígbà tí ó bá sì jáde ní aago mẹ́ta, aago mẹ́wàá ti lù níbí, ìwọ tí ò ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká ọ mọ́ ojú ọ̀nà ti sùn lọ. Ẹ̀yin méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni ẹ kò jọ ṣí lákòókò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún tí ń bọ̀, tí wọn yóò dá aago wọn padà.

Má yára yọ̀ o. Kì í ṣe pé mo ń wá àwáwí fún un. Aago lè ṣàlàyé ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú tí kì í lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú náà ni ẹ sọ̀rọ̀ tí n kò fi bó ẹ̀gúsí ẹ̀kúnwọ́ kan tán. Kò sì lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìwọ ni o pe ìpè mẹ́fà nínú méje tí a kà kẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti aago kúrò ni ọ̀rọ̀ tí o ní láti bá a sọ. Tí o bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, apá tí kò jẹ̀bi ni yóò máa gbèjà, èyí tí o fẹ́ gbọ́ gan-an yóò sì sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìkánjú ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọdún 1983, bàbá rẹ wà ní Hiúsítọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó ń kàwé, èmi sì wà níbí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà lẹ́yìn. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kún ojú méjèèjì ìwé aláwọ̀ búlúù tí a máa ń ká tí a sì ń lẹ̀ létí, ó tún máa ń gba ohùn rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó yá, lẹ́tà di ìlà mẹ́rin, kásẹ́ẹ̀tì sì dáwọ́ dúró. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ìbínú kọ̀wé, mo sì bi í léèrè orúkọ obìnrin náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé owó ilé-ìwé rẹ̀ kò lè kúrò ní Nàìjíríà, nítorí pé ìjọba ti há owó òkèèrè mọ́ lẹ́yìn tí owó epo já wálẹ̀, àwo ni ó sì ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní òru, ojú ń tì í láti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tí ó fi ṣàlàyé àti lẹ́tà èébú tèmi pàdé ara wọn lójú òfuurufú. Tirẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá tèmi dúró mọ́. Lẹ́tà èébú náà wà nínú àpótí páànù rẹ̀ títí di òní. Kò fi bú mi rí, ṣùgbọ́n kò sì jù ú nù.

Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ ní kíkọ, má sì gba ohùn ẹkún ránṣẹ́ ní òru. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá ọ wá àkókò, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ lò ó fún, kí àyà rẹ̀ má baà já. O lè kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò sí ewu. Ǹjẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta mi, tí í ṣe aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ rẹ, rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" Èmi àti bàbá rẹ, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ẹ̀yin méjèèjì, ayé tiyín sì ti yàtọ̀. Ra dátà tí yóò tó, kí o sì jẹun kí o tó pè é, torí pé ebi máa ń mú ọ bínú.

Nígbà tí ẹ bá ti kí ara yín, kọ́kọ́ sọ ti aago, kí ó mọ̀ pé o ti gba tirẹ̀ rò. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí o rí, sọ bí ó ṣe rí lára rẹ, béèrè ìbéèrè kan, kí o sì dákẹ́. Bí èmi bá jẹ́ ìwọ, ohun tí n óò sọ ni: "Mo mọ̀ pé aago tí wọ́n yí ti da àkókò wa rú láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ wa kì í pẹ́ mọ́, èmi ni mo sì sábà máa ń pè. Ó ń mú kí n máa rò pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ?" Ibi tí ó ṣòro jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fa ohùn sẹ́yìn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré a sì dà bí ọdún. Má fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i. Má fi ti owó ilé kún un, má fi ti ọjọ́ ìgbéyàwó kún un, má sì sọ pé o rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òru tí kò dá ọ lóhùn. Àìsùn lè mú kí ènìyàn máa fọwọ́ ra fóònù láìní ẹnì kankan lọ́kàn.

Ó lè sọ pé wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ òun kù, tí kò fẹ́ kí o béèrè owó tí kò ní. Ó lè jẹ́ òtútù àti òkùnkùn tí ń tètè ṣú níbẹ̀ ni ó mú un, tí kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ti ń yà sí ọ̀nà mìíràn. Mi ò ní tàn ọ́, ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn ọjọ́ kan kò lè jẹ́ kí o mọ èyí tí ó jẹ́, nítorí pé ẹni tí ojú ń tì àti ẹni tí ó ń purọ́ jọ máa ń kálòlò. Ohun tí ẹ bá fi àdéhùn sí lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o wò. Ẹ mú ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, kí ó máà pọ̀, kí ẹ sì fún un ní oṣù kan. Bí kò bá lè pè, ǹjẹ́ ó ń ránṣẹ́ ṣáájú, àbí ìwọ ni ò ń jókòó ti fóònù? Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ǹjẹ́ ó rántí béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ tuntun já sí, àbí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ ni ó máa ń dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ? Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju iye ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́tà onílà mẹ́rin bàbá rẹ kò gbàgbé láti béèrè eyín ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń hù. Èmi ni n kò ka ìlà yẹn dáadáa.

Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù náà láìránṣẹ́, bi í ní gbangba bóyá ó ṣì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí tẹ̀ síwájú, kí o sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tó sọ fún bàbá rẹ àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kí ó tó dìgbà náà, má ṣe pe ìyá rẹ̀, má sì gbé e lọ bá pásítọ̀. Ọkùnrin tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn kì í tún sọ òkodoro mọ́.

Pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí o ka ohun tí o fẹ́ sọ sí mi létí, kí n gbọ́ bóyá ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti ṣa ọmọ ẹ̀gúsí tí o dà sílẹ̀, mo ti lọ̀ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ nípasẹ̀ awakọ̀ tí ó mú lẹ́tà yìí wá.

Èmi ni ìyá rẹ.