Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí orin ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ

Ìbarà,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọn yóò pé ọmọ ọdún mẹ́fà láìpẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọmọ ọdún méjì yóò wà níbi ayẹyẹ náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò sì wà níbẹ̀, àti pé o kò mọ irú orin tí yóò mú gbogbo wọn jó pọ̀ láìjẹ́ pé ojú ń tì ọ́ níwájú ìyá ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́dún tó kọjá kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ pé ọdún méje, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò ni ó bá wa gbé sípíkà wá. Mo kìlọ̀ fún un pé n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ó sì gbìyànjú, nítorí àwọn orin tí wọ́n kọ "Clean" sí lára nìkan ni ó yàn. Ní àárín orin kan, ohùn olórin dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ burúkú náà kúrò. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá àti méjìlá tí wọ́n mọ orin náà tẹ́lẹ̀ fi gbogbo ẹnu pariwo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé. Kí orin náà tó parí, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ó ń wí i ní àwítúnwí bí ó ti ń fò káàkiri àgbàlá.

Ohun tí ó yé mi láti ọjọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ ni "Clean" ń gé kúrò, kì í gé ohun tí orin dá lé lórí. Orin ọtí àti orin ìṣekúṣe yóò ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, àmì "E" tí o máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin láti fi kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú wà nínú rẹ̀ kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé àwọn tí ó gbé orin jáde ni ó sábà máa ń sọ pé kí wọ́n fi sí i. Orin Yorùbá tàbí ti pijin lè kún fún àlùfààṣá kí ó má sì ní àmì kankan. Nítorí náà, mo ń fi etí ara mi gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan dé òpin. Ẹsẹ kejì ni kí o ṣọ́ jù, pàápàá ibi tí olórin àlejò bá ti wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí lẹ́yìn tí ẹsẹ àkọ́kọ́ bá ti dùn mọ́ni létí. Bí ìyá àgbà bá bi ọmọ pé, "Kí ni ìtumọ̀ ohun tí ò ń kọ yẹn?", tí ọmọ náà sì lè dá a lóhùn láìwolẹ̀, orin náà wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ inú orin ni eré rẹ̀, ìyẹn bí ìlù rẹ̀ ṣe yára tó láàárín ìṣẹ́jú kan. Ka ìró ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o sì fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ó bá wà láàárín 110 sí 130 ni ọmọ kékeré lè fi ẹsẹ̀ bá rìn, tí àgbà ọmọ kò sì ní sọ pé ó fà. Bí eré bá ju èyí lọ, sáré ni àwọn kéékèèké yóò máa sá, wọn yóò sì máa ṣubú lu ara wọn. Ṣùgbọ́n orin "Happy" tí Pharrell Williams gbé jáde lọ́dún 2013 fún fíìmù àwọn ọmọdé yàtọ̀: 160 ni eré rẹ̀, síbẹ̀ bí o bá ń pàtẹ́wọ́ sí ìlù kan tí o sì ń fo ìkejì, 80 ni yóò di. Àwọn àgbà ọmọ ń fò, àwọn kéékèèké ń pàtẹ́wọ́, orin kan náà sì ni.

Wákàtí méjì ni mo pète fún ọjọ́ ìbí Mọrẹ́nikẹ́ ti ọdún yìí, ọmọ méjìlélógún ni ó wá, síbẹ̀ orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni mo kó jọ, nítorí pé ijó gidi kò ju nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ nínú rẹ̀. Orin àwọn kéékèèké ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oorun kò tíì kùn wọ́n. "Baby Shark" tí ó jáde láti Kòríà lọ́dún 2016 wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè yóò yínmú sí i, mo sì ti yan mẹ́ta nínú wọn ṣáájú láti dúró níwájú kí wọ́n máa fi ọwọ́ júwe fún àwọn àbúrò wọn. Olùkọ́ ni wọ́n dà, kò sì sí ẹni tí ó rántí yínmú mọ́.

"Jerusalema" tí Master KG àti Nomcebo kọ lọ́dún 2019 ni ó kó gbogbo ilé jọ. Àdúrà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní èdè Súlú, eré rẹ̀ jẹ́ 124, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń tún ṣe tí wọn yóò sì yí ojú sí apá ibòmíràn, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìyípo àkọ́kọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n ní ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún un gbé.

Nínú eré pé kí orin dákẹ́ kí gbogbo ènìyàn dúró bí ère, má ṣe lé ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn ọmọ ọdún méjì àti mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹkún wọn ni yóò sì gba àgbàlá. Ẹni tí ó bá mira ni kí o pè síwájú kí ó wá dá ijó tirẹ̀ tí àwọn yòókù yóò fara wé. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà sílẹ̀, mo pa sípíkà, ìyá mi sì lé orin bojúbojú fún wọn, gbogbo wọn ń gbè é. Àwọn àgbà ọmọ tí mo rò pé ojú yóò tì ni ó gbè é jù.

Bí ọmọ kékeré bá ń fi ọwọ́ di etí, tàbí tí ìwọ fúnra rẹ ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè tó tó gbọ́ ọ, dín ohùn sípíkà kù. Ṣáájú kéèkì, fi orin méjì tí eré wọn rọra gbà wọ́n níyànjú láti jókòó.

Gba gbogbo orin sórí fóònù ṣáájú, kí o pa dátà, kí o sì pa "Autoplay". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpolówó tẹ́tẹ́ lè já wọ àárín orin ọmọdé, tàbí kí fóònù fúnra rẹ̀ yan orin mìíràn nígbà tí tìrẹ bá tán.

Kọ orúkọ orin mẹ́ta tí àwọn ìbejì fẹ́ràn jù ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bá ọ gbọ́ wọn dé òpin kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Mọrẹ́nikẹ́.