Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí ìkíni ọjọ́ ìbí tó ní ó gbẹ

Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? O ní ìkíni tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ gbẹ, pé kò sí émójì, kò sí àmì ìyanu kan ṣoṣo, àfi bí ìgbà tí ọ̀gá ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́. Ó dùn mí, torí mo pẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Nígbà tí ìyá mi pé 70 ọdún, àbúrò mi kọ ọ́ sí wọn lórí Wásáàpù pé:

E o gbo, e o to, Mama!!!!! 🎂🎂🎂😭😭

O mọ̀ pé tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n kà á sókè bó ṣe kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu: “Ẹ ò gbó, ẹ ò tọ́.” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló ń sunkún níbẹ̀?” Ayọ̀ ló pa àbúrò mi lẹ́kún, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń lo ojú ẹlẹ́kún yẹn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹkún ni àgbàlagbà rí. Wọ́n mọ ohun tí ọmọ wọn ní lọ́kàn o. Síbẹ̀, wọ́n ní kí n fi ẹnu ara mi ka àdúrà náà dáadáa kí wọ́n tó ṣe àmín.

Bọ́lá, ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi. “Ẹ ó gbó” ni àdúrà, “ẹ ò gbó” ni òdìkejì rẹ̀, àmì ohùn kan ló wà láàárín wọn. Àmì ìyanu márùn-ún kàn ń pariwo ni, kò lè sọ èwo nínú méjèèjì lò ń wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi Yorùbá kún èdè tó wà lórí Gboard mi. Tí mo bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì á yọ, mo á mú èyí tí mo fẹ́. Ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ ti ń falẹ̀ yẹn ni mo ti ń ro ẹni tí mo ń kọ̀wé sí.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo wá yọ gbogbo émójì àti àmì ìyanu kúrò. Tí mo bá rí ọ lẹ́nu géètì, ariwo ni mo máa fi pe oríkì rẹ, nítorí náà àmì ìyanu tọ́ síbẹ̀. Àdúrà ni n kì í fi sí, torí ohùn máa ń rọlẹ̀ níbẹ̀ kí ẹni tí a ń ṣe é fún lè rí àyè ṣe àmín. Émójì náà, níbi tí ara ìbá ti ṣe nǹkan ni mo fẹ́ ẹ, ẹyọ kan péré.

Gba èyí, kí o pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́:

Àbẹ̀kẹ́! O ó gbó, o ó tọ́. Ẹsẹ̀ tí a jọ fi jó nígbèyàwó rẹ ò ní rọ. 💃🏾

Èmi ni,
Fúnmi