Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí àdéhùn àyíká

Ìbàdàn

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú àárò ilé. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n fún ní iṣẹ́ sísọ àwọn àdéhùn inú ìwé àṣẹ àyíká yín di ètò àmójútó. Jẹ́ kí n fi ẹyọ kan hàn ọ́ nínú tiwa, iṣẹ́ afárá kan lórí Odò Ọ̀nà níbí.

Àdéhùn náà ní agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ba omi odò jẹ́, kó sì máa jábọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Má ṣe da irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ sínú tábìlì ètò àmójútó bó ṣe wà. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: dídí iyẹ̀pẹ̀ lọ́nà, yíyẹ omi wò, àti kíkọ ìjábọ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí o sì kọ nọ́ńbà àdéhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yíyẹ omi wò ló gba ìrònú jù. Ojú méjì la ti ń bù ú: lókè odò, kó tó kan ibi iṣẹ́, àti nísàlẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọjá. Odò Ọ̀nà fúnra rẹ̀ máa ń rú bí òjò bá ti rọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín ojú méjèèjì ló ń fi hàn bóyá àwa la bà á jẹ́. A sì gbọ́dọ̀ ti bu omi níbẹ̀ kí katakata tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ìyẹn bá fi lè bọ́, kò sí bí a ṣe máa rí i padà láé. Ìdí nìyí tí ìlà yẹn kò fi ní ọjọ́ kàlẹ́ńdà. "Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀" la kọ sí i.

Ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta kò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni ká yẹ omi wò o! Òjò ńlá ló ń gbá iyẹ̀pẹ̀ wọ odò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń lọ, a sì tún ń lọ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá.

Ẹ̀yìn ni kí o ti ka ọjọ́ bọ̀. Bí ìjábọ̀ bá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ní ọjọ́ 14 oṣù keje, tí ọ̀gá nílò ọ̀sẹ̀ kan láti kà á, tí ìwọ nílò ọ̀sẹ̀ kan láti kọ ọ́, tí láàbù sì ń gba ọ̀sẹ̀ méjì láti yẹ omi wò, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni omi tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dé láàbù. Kọ gbogbo ọjọ́ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ti ìparí nìkan.

Ní ti ẹni tó ni iṣẹ́, má ṣe kọ "ẹ̀ka àyíká". Kọ ipò ẹnì kan ṣoṣo àti ti ẹni tó máa dúró fún un bó bá lọ ìsinmi. Òṣìṣẹ́ àyíká ló ń bu omi, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti dá katakata dúró. Nítorí náà, orúkọ ipò ẹnjiníà ibi iṣẹ́ la kọ síwájú dídá iṣẹ́ dúró, lọ́jọ́ náà gan-an tí ìyàtọ̀ àárín ojú méjèèjì bá kọjá ààlà tí àdéhùn fi lélẹ̀.

Bí àdéhùn yín kò bá sọ ààlà náà, má ṣe dá a fúnra rẹ. Kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà, kí wọ́n fèsì lórí ìwé, kí o sì fi èsì wọn mọ́ tábìlì.

Àdéhùn yín tó kan eruku ńkọ́? Fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ tú u.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọláṣadé